Níbo ni d inú Rad wà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ́ èdè Jámánì. Olùkọ́ wa ní kí a máa pe Rad (kẹ̀kẹ́) àti Rat (ìmọ̀ràn) bákan náà, pẹ̀lú t ní ìparí. Mo fetí sí i títí, n kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Síbẹ̀ ìwé tí a ń lò sọ pé d ni Rad ní ní ìpìlẹ̀. Bí etí kò bá gbọ́ d, tí ẹnu kò sì pè é, níbo ni d ọ̀hún wà? Àbí àṣà ìkọ̀wé wọn lásán ni?

Ìdáhùn: Etí yín kò tàn yín jẹ. Bí ẹ bá ní kí ọmọ Jámánì kan pe Rad tàbí Rat fún ọmọ Jámánì ẹgbẹ́ rẹ̀, láìfi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, ẹni tó ń gbọ́ kò ní lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ni wọ́n pè. Ṣùgbọ́n d tí ẹ ń wá wà níbì kan, kì í sì í ṣe inú ìwé. Orí ẹni tó ń sọ èdè náà ló wà, ọ̀nà sì wà tí a fi ń mú un jáde.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu. Ojú kan náà ni ahọ́n ti ń pe d àti t. Tán-án-ná ọ̀fun ló yà wọ́n. Ẹ gbé ìka lé gògóńgò yín kí ẹ pe d, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé ó ń gbọ̀n. Ẹ wá pe t, yóò dákẹ́. Ìró tí tán-án-ná ń gbọ̀n sí là ń pè ní akùnyùn, èyí tí kò gbọ̀n sí ni àìkùnyùn. Bí d ṣe bá t jẹ́ ìbejì ni g bá k, tí b bá p (p ti àwọn aláwọ̀ funfun ni mo ń sọ o, kì í ṣe p tiwa), tí z sì bá s. Nínú èdè Jámánì, bí ọ̀kan nínú àwọn akùnyùn wọ̀nyí bá bọ́ sí ìparí ọ̀rọ̀, tán-án-ná kì í gbọ̀n sí i mọ́, ó sì di ìbejì rẹ̀ tí kò kùn. Ìdí rẹ̀ kò le: nígbà tí ẹnu bá pa dé láti pe d, atẹ́gùn há sẹ́yìn ahọ́n, kò sì rọrùn kí tán-án-ná máa gbọ̀n nìṣó. Bí fáwẹ́lì bá wà níwájú, ìgbọ̀n yẹn ń rí ibi tí yóò gbà lọ. Bí ìdákẹ́jẹ́ ló bá wà níwájú, ó tètè ń kú. Ìdí nìyí tí irú nǹkan báyìí fi wà nínú èdè Rọ́ṣíà, Pólándì, Dọ́ọ̀ṣì, Kàtàlánì àti Tọ́kì pẹ̀lú. Kò kan m, n, l àti r, nítorí atẹ́gùn kì í há nígbà tí a bá ń pè wọ́n.

Lẹ́nu àwa Yorùbá, wàhálà yìí kò lè ṣẹlẹ̀ rárá, torí pé sílébù wa kì í fi irú kọ́ńsónáǹtì bẹ́ẹ̀ parí. Bí a bá yá ọ̀rọ̀ tó fi d tàbí g parí, a máa fi fáwẹ́lì tì í lẹ́yìn: bẹ́ẹ̀dì, búrẹ́dì, báàgì. Ẹ ṣàkíyèsí pé d àti g inú wọn ṣì ń kùn dáadáa. Fáwẹ́lì tí a fi tì wọ́n ló gbà wọ́n sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí fáwẹ́lì náà ni a ó fi wá d inú Rad.

Ẹ mú àwọn ọ̀rọ̀ yín méjèèjì, kí ẹ sọ wọ́n di ti ẹni tó ni nǹkan: ti kẹ̀kẹ́, ti ìmọ̀ràn. Jámánì yóò ní des Rades àti des Rates. Báyìí, kọ́ńsónáǹtì náà kò sí ní ìparí mọ́, fáwẹ́lì ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: d ni ẹ ó gbọ́ nínú ti àkọ́kọ́, t nínú ti ìkejì, kò sì sí ẹni tí yóò ṣì wọ́n gbọ́. Bí mo bá kọ ọ́ bí àwa onímọ̀ èdè ṣe ń kọ ọ́, tí ohun tó wà lórí wà láàárín ìlà dídagun, tí ohun tó jáde lẹ́nu sì wà nínú àkámọ́, báyìí ni yóò rí:

```
/ʁaːd/      →  [ʁaːt]
/ʁaːt/      →  [ʁaːt]
/ʁaːd + əs/ →  [ʁaːdəs]
/ʁaːt + əs/ →  [ʁaːtəs]
```

Ọwọ́ òsì ni mò ń pè ní ìrísí ìpìlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni ìrísí òde. Nínú ìlà méjì àkọ́kọ́, ìpìlẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bọ́ sí òde kan ṣoṣo. Ohun tí a ń pè ní ìparẹ́ ìyàtọ̀ nìyẹn: ìyàtọ̀ tí èdè náà mọ̀, tó sì ń lò níbòmíràn láti ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn, ló parẹ́ ní ojú ibì kan pàtó.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ní làákàyè yóò bi mí pé: kí ló fi hàn pé d ló di t? Ṣé kò lè jẹ́ pé t ni Rad ní láti ilẹ̀, tí t yẹn wá di d nígbà tó há sáàárín fáwẹ́lì méjì? Ìbéèrè gidi ni, nítorí àwọn èdè kan wà tí wọ́n ń sọ àìkùnyùn di akùnyùn láàárín fáwẹ́lì. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Bí òfin náà bá jẹ́ pé kí t di d láàárín fáwẹ́lì, Rates náà yóò bá a lọ, yóò di Rades. Kò sì bá a lọ. T inú Rates há sáàárín fáwẹ́lì bí ti ẹnìkejì rẹ̀, síbẹ̀ t ló jẹ́. Nítorí náà ẹni tó bá yan ọ̀nà yìí yóò ní láti to àwọn ọ̀rọ̀ tí òfin náà mú àti àwọn tí kò mú, kí ó sì há wọn sórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kejì kò bèèrè ìyẹn: d wà nínú Rad, t wà nínú Rat, òfin kan ṣoṣo sì ń pa kíkùn ní ìparí láìṣe ojúsàájú.

Ìbéèrè yẹn ni a fi ń mọ ìhà tí ìpìlẹ̀ wà, ẹ sì lè lò ó fún èdèkédè. Ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti yàtọ̀ síra. Ẹ gbìyànjú láti fi òfin sọ òde kan di èkejì. Ìhà tí ẹ ti lè sọtẹ́lẹ̀ ohun tí yóò jáde láìṣì ni ìhà tó tọ́. Láti Rades, mo lè sọ bí Rad yóò ṣe jáde lẹ́nu. Bí Rad nìkan ni mo gbọ́, n kò lè sọ bóyá Rades tàbí Rates ni yóò jẹ́. Òde ti gbé nǹkan mì.

Ẹlòmíràn á tún ní kò sí òfin kankan, pé ṣe ni ọmọdé Jámánì kàn há méjèèjì sórí, Rat ní ẹyọ, Rad- níwájú fáwẹ́lì, ó parí. N kò gbà. Àkọ́kọ́, òfin náà ń mú ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn ará Jámánì yá Job (iṣẹ́) lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, b ni Gẹ̀ẹ́sì sì fi ń parí rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu wọn, p ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Bí wọ́n bá wá sọ ọ́ di púpọ̀, Jobs, p náà ló wà níbẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-ìṣe, jobben, b yóò padà dé. Ta ló kọ́ wọn ní ti p yẹn? Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ tẹ́tí sí Gẹ̀ẹ́sì ẹnu àwọn ọmọ kíláàsì Jámánì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ: orúkọ bẹ́ẹ̀dì àti orúkọ tẹ́tẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì yóò di ọ̀kan náà lẹ́nu wọn. Ẹni tó ń há ọ̀rọ̀ sórí lásán kò ní kó ìṣe rẹ̀ lọ sínú èdè ẹlòmíràn. Òfin ló ń tẹ̀lé èèyàn kọjá ẹnubodè bẹ́ẹ̀, bí fáwẹ́lì tiwa ṣe ń tẹ̀lé wa bí a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ti ń sọ pé ìparí ọ̀rọ̀, àmọ́ ní òótọ́, ìparí sílébù ni. Ẹ wo ọ̀rẹ́ ọkùnrin, Freund, t ni wọ́n ń pè ní ìparí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ obìnrin ni Freundin, d sì padà, torí pé àfòmọ́ -in fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀, ó fa d mọ́ra sínú sílébù tirẹ̀. Ẹni tó yá mọ́ni ni freundlich. Ibí yìí, -lich fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, kò fa ohunkóhun mọ́ra, d dúró sí ìparí sílébù rẹ̀, ó sì jáde bíi t bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ọ̀rọ̀ ló wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kind (ọmọ) ń fi t parí, tí Kinder (àwọn ọmọ) ní d, tí kindisch (ṣíṣe bí ọmọdé, ní ti èébú) ní d, tí kindlich (bíi ti ọmọdé, láìsí èébú) sì ní t. Gbogbo wọn ni wọ́n ń fi d kọ. Bí ẹ bá ń pe freundlich pẹ̀lú d tó ń kùn, wọn yóò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ, àmọ́ wọn yóò mọ̀ pé àlejò ni yín.

Ó ku ti ìkọ̀wé tí ẹ fura sí. Ìfura yín kò burú, nítorí ìwé lè purọ́. Ṣùgbọ́n ní ti d yìí, ìwé kọ́ ni orísun ẹ̀rí. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò mọ a yàtọ̀ sí b ń sọ Kinder pẹ̀lú d, ó sì ń fi t parí Kind. Ẹ sì wo ìwé àwọn ará Jámánì ayé àtijọ́, láti nǹkan bí 1050 sí 1350: tac ni wọ́n ń kọ fún ọjọ́, tages fún ti ọjọ́, kint fún ọmọ, kindes fún ti ọmọ, wîp fún obìnrin, wîbes fún ti obìnrin. Ohun tí etí gbọ́ ni àwọn akọ̀wé ìgbà yẹn ń kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìkọ̀wé yí padà sí pé kí ọ̀rọ̀ kan ní ojú kan ní gbogbo ibi tó bá wà, ni wọ́n ṣe ń kọ Tag, Kind àti Weib lónìí. Ìkọ̀wé ló yí padà, ìpè ìparí ọ̀rọ̀ kò yí. Àwọn ará Tọ́kì sì ń kọ ọ́ bí àwọn akọ̀wé àtijọ́ yẹn títí dòní: ìyẹ́ ni kanat, iṣẹ́ ọnà ni sanat, méjèèjì fi t parí nínú ìwé àti lẹ́nu. Ẹ fi àfòmọ́ àbọ̀ kún wọn, ẹ ó rí kanadı àti sanatı. Ìwé kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé d wà nínú kanat, síbẹ̀ kò sí ọmọ Tọ́kì tí yóò sọ kanatı.

Ìwọ gan-an, bí mo bá lè fi ọ̀rọ̀ àgbà bá ọ wí díẹ̀, o ti ń ṣe irú nǹkan yìí lójoojúmọ́ láìmọ̀. Nínú ìbéèrè rẹ, o kọ pé kí a máa pe Rad. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, o kọ pé ẹnu kò pè é. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. Kí ló dé tí o fi ohùn àárín sí ọ̀kan, tí o sì fi ohùn ìsàlẹ̀ sí èkejì? Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan máa ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀. Bí arọ́pò orúkọ bá jẹ́ àbọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ náà dúró. Rà di ra aṣọ, àmọ́ rà á ṣì ni rà á.

Níbi tí èyí ti dùn jù ni ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ti pàdé. Sìn ni ti ẹni tó ń ṣe ìránṣẹ́, sin ni ti òkú. Ẹ wá wo gbólóhùn yìí: Wọ́n sin ọba. Ṣé wọ́n ń ṣe ìránṣẹ́ fún un ni, àbí wọ́n gbé e sínú ilẹ̀? Gbólóhùn náà kò sọ. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀lé e ti pa ìyàtọ̀ ohùn méjèèjì rẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìparí ọ̀rọ̀ ṣe pa ìyàtọ̀ d àti t rẹ́ nínú Rad àti Rat. Ẹ mú ọba kúrò, ẹ fi arọ́pò orúkọ sí i: Wọ́n sìn ín. Wọ́n sin ín. Ó ti yanjú. A sì lè béèrè ìbéèrè ti òkè yẹn níbí: ṣé kì í ṣe ohùn àárín ló ń di ohùn ìsàlẹ̀ níwájú arọ́pò orúkọ? Rárá, nítorí sin ti òkú dúró sí ohùn àárín níwájú ín. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà ní ìpìlẹ̀, níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ ló ti ń parẹ́. Àwa náà ń kọ òde bíi ti àwọn ará Tọ́kì, ohùn àárín ni a ń fi sí i nínú ìwé, ìyẹn kò sì ní kí sìn gbàgbé ohùn rẹ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Jámánì, ọgbọ́n tí olùkọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó kọ lẹ́tà tó wà ní ìparí ni pé kí wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà gùn, verlängern ni wọ́n ń pè é. Bí ọmọ bá gbọ́ Hund (ajá) tí kò mọ̀ bóyá d tàbí t ni, yóò sọ Hunde, yóò sì mọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ lò ó. Kò sí nǹkan mìíràn tí àwa tí a ń pe ara wa ní amòye ń ṣe, àfi pé a fún un ní orúkọ tó gùn jù ú lọ.

Àmọ́ ọgbọ́n yìí ní ibi tó ti ń kùnà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá ń dùn mọ́ mi. Ẹ mú und, ìyẹn àti. T ló ń jáde ní ìparí rẹ̀. Ẹ fà á gùn, kò gùn: kò ní ọ̀pọ̀, kì í gba àfòmọ́. Ẹ mú ob (bóyá), ẹ mú ab (kúrò lórí), ẹ mú weg, tí à ń lò fún kí nǹkan lọ kúrò, tí wọ́n ń fi k parí rẹ̀. D, b àti g wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan lẹ́nu tí wọ́n ti ń yọjú. Kí ni ìpìlẹ̀ und nígbà náà?

Nikolai Trubetzkoy, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń kọ́ni ní yunifásítì Fiẹ́nà, ti ronú lórí irú ibi báyìí gan-an kó tó kú ní 1938. Ọdún tó tẹ̀lé e ni àròjinlẹ̀ rẹ̀ jáde ní títẹ̀. Ó ní níbi tí ìyàtọ̀ bá ti parẹ́, kí a má sọ pé d ni, kí a má sì sọ pé t ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àpapọ̀ ohun tí d àti t jọ ní: ahọ́n lẹ́yìn eyín, ẹnu pípa dé. Kíkùn tàbí àìkùn kò sí nínú ìṣirò níbẹ̀. Akifóníìmù ni orúkọ tó fún un, T ńlá ni àwọn ènìyàn sì sábà ń fi ṣe àmì rẹ̀. Fún und, ó bá mi lára mu. Fún Rad àti Rat, kò tó. Bí a bá kọ méjèèjì bíi RaT, a ti sọ wọ́n di ọ̀rọ̀ kan, níbo wá ni d inú Rades yóò ti wá? Trubetzkoy mọ èyí, ó sì fi í sí ẹ̀ka mìíràn tó ń wo bí ìró ṣe ń yí nínú mọ́fíìmù, ìyẹn ẹ̀yà ọ̀rọ̀ tó kéré jù tó sì ní ìtumọ̀. Èmi rò pé ẹ̀ka tó fi í sí yẹn gan-an ni ilé ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ padà sí weg. Weg tó jẹ́ ọ̀nà ni baba rẹ̀: ẹni tó bá lọ kúrò, ọ̀nà ló bọ́ sí. Weg tí í ṣe ọ̀nà ní ọ̀pọ̀, Wege, g sì ń yọjú nínú rẹ̀. Weg tó jẹ́ kúrò kò ní nǹkan kan. Bí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ ohun gidi tó wà lórí ènìyàn, ó yẹ kí orí ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí nípá: g yẹ kí ó wà nínú ọ̀nà, nítorí ọmọdé ń gbọ́ ọ níbì kan, kò sì yẹ kí ó wà nínú kúrò, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí. Lẹ́nu àwọn ará Jámánì òde òní, a kò lè rí èyí, torí k ni méjèèjì ń fi parí. A nílò ibi tí òfin náà ti kú, kí a lè wo ohun tí yóò jí dìde.

Ibẹ̀ ni Yídíṣì, èdè tí àwọn Júù ìlà-oòrùn Yúróòpù ń sọ. Inú Jámánì ayé àtijọ́ ló ti ṣẹ̀, nígbà tí wọ́n ń sọ tac. Òfin tó ń pa kíkùn ní ìparí wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá sọnù. Nígbà tó sọnù, ọjọ́ di tog, pẹ̀lú g tó ń kùn dáadáa. Kẹ̀kẹ́ di rod, pẹ̀lú d. Ọ̀nà di veg, pẹ̀lú g. Kúrò ńkọ́? Avek ni, pẹ̀lú k, títí dòní olónìí. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ láti ara ọ̀nà ni, ìpè ìparí wọn jẹ́ ọ̀kan náà fún ìgbà pípẹ́, síbẹ̀ nígbà tí òfin kúrò lójú ọ̀nà, ọ̀kan rí g rẹ̀ gbà padà, èkejì kò rí i. Èyí tó ní ìbátan tí g ti ń yọjú ló rí i gbà. Lẹ́tà kò dá sí i: lẹ́tà Hébérù ni wọ́n fi ń kọ Yídíṣì, kì í ṣe ìwé Jámánì tó ń kọ weg pẹ̀lú g ni wọ́n ń wò. Bí ẹnìkan bá ní kí n mú ẹ̀rí kan ṣoṣo wá pé ìpìlẹ̀ kì í ṣe àlá àwọn onímọ̀ èdè, veg àti avek ni màá mú wá.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ Yídíṣì ló bá èyí mu régérégé o. Ajá ṣì ń jẹ́ hunt pẹ̀lú t, bẹ́ẹ̀ kind ti ní d. Àwọn tí n wà ṣáájú d ní ìtàn tiwọn tó lọ́jú pọ̀. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ba ti avek jẹ́.

Ohun kan ku tí ẹ ó pàdé bí ẹ bá ń kàwé síwájú, ó sì sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo sọ pé Rad àti Rat di ọ̀kan náà. Ní àárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn olùwádìí gba irú àwọn ọ̀rọ̀ méjì-méjì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Jámánì, wọ́n sì wọn ìró wọn lórí ẹ̀rọ. Wọ́n rí i pé fáwẹ́lì inú ọ̀rọ̀ bíi Rad fi nǹkan bíi 15 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá gùn ju ti inú ọ̀rọ̀ bíi Rat lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn fetí sí i kí wọ́n mú èyí tó jẹ́, wọ́n gbà á tó bí ìgbà 6 nínú 10. Ẹni tó bá kàn ń ta owó ẹyọ sókè yóò gba 5. Ṣé ìyàtọ̀ kò wá parẹ́ tán ni?

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, ó sì yẹ. Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni pé ìwé ni wọ́n gbé fún àwọn ènìyàn náà kà. Ẹni tó bá rí d lójú ìwé, tó sì mọ̀ pé wọ́n ń gba ohùn òun sílẹ̀, lè tiraka díẹ̀ láti fi hàn pé òun rí d. Kí wọ́n lè yẹra fún èyí, àwọn kan ní 2014 lo ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá tí kò sí nínú èdè rárá: wọ́n jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ létí, pẹ̀lú b, d tàbí g rẹ̀ láàárín fáwẹ́lì, wọ́n sì ní kí wọ́n dá a padà sí ẹyọ. Kò sí lẹ́tà kankan lójú ẹnikẹ́ni. Ìyàtọ̀ náà tún yọjú, àmọ́ ó kéré sí ti àkọ́kọ́, ti àwọn tó ń fetí sí i sì fi díẹ̀ báyìí ju ti ẹni tó ń ta owó ẹyọ lọ.

Bí mo ṣe rí i nìyí. Ìyàtọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́jà tàbí nínú ọkọ̀ ojú irin, a kò sì lè fi ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ó ba ti ìpìlẹ̀ jẹ́ kò tíì rò ó délẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí, tó dá a padà sí ẹyọ, tó pa kíkùn rẹ̀ bí òfin ṣe wí, tí fáwẹ́lì rẹ̀ sì tún gùn ní ìwọ̀n bín-ín-tín, níbo ló ti rí ìwọ̀n bín-ín-tín náà bí kò bá sí d kankan lórí rẹ̀? Fún ẹnu tìrẹ, ọ̀dọ́, máa pe t bí olùkọ́ rẹ ṣe wí, má sì da ara rẹ láàmú pẹ̀lú ìdá 15 nínú 1,000. Bí o bá ń kọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tuntun, ẹyọ àti ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kí o kọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Und, ob, ab àti weg ni kí o há sórí bí ìwé ṣe kọ wọ́n.